Ọ̀rọ̀ tó sá pamọ́ sínú àpótí

«Mo fi ẹ̀rọ fa ọ̀rọ̀ jáde látinú PDF tí wọ́n síkáànì, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sórí fáìlì Word tó gbé jáde. Ní báyìí ojú ìwé ti dàrú, ọ̀rọ̀ ń pòórá. Báwo ni mo ṣe máa tò ó padà?»

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tò ó sórí fáìlì yẹn mọ́, ẹ ṣí tuntun. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ìpínrọ̀, ibi tí yíǹkì wà lórí bébà ló mọ̀. Kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀, ó ń ki ọ̀rọ̀ sínú àpótí, ó sì ń so gíga ìlà mọ́ iye kan pàtó. Bí ìtumọ̀ bá ti gùn ju ti àkọ́kọ́, èyí tó ṣẹ́ kù á sá sábẹ́ etí àpótí. Kò parẹ́, àmọ́ kò ní hàn.

Òru méjì ni mo fi fa irú àpótí bẹ́ẹ̀ gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìwé olójú ewé 12. Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́, oníbàárà ní gbólóhùn kan nínú àtẹ kò ní ìparí. Ìlà méjì gbáko ló wà lábẹ́ etí àtẹ náà, torí `Exactly` ni gíga rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni àmì ohùn: ìlà tí wọ́n fún pọ̀ ti gé orí wọn, «ọkọ́» tí a fi ń roko wá di «ọkọ».

Ní ti yín, ìtumọ̀ ti wà, ẹ kàn kó o jáde. `Ctrl+A` kì í mú ọ̀rọ̀ inú àpótí, nítorí náà ẹ wọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ̀ lé bí ojú ewé tí wọ́n síkáànì ṣe tò ó. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ fi ìlà òfìfo kan sáàárín ìpínrọ̀ méjì. Ẹ̀rọ a máa já gbólóhùn ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí ló ń so ó padà nínú `Find and Replace`, ní ìtẹ̀léra yìí:

```
^p^p  →  @@@
^p    →  àlàfo kan
@@@   →  ^p
```

Ẹ ṣe é kí ẹ tó ya àtẹ kankan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi `Styles` ṣe àkọlé, kí ẹ sì fọwọ́ ya àtẹ fúnra yín: `At least` ni kí gíga ìlà àtẹ jẹ́, `Single` sì ni ti ọ̀rọ̀. Níbi tí nǹkan méjì ti dojú kọra, bí ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé, àtẹ tí kò ní ìlà etí ni mò ń lò, nítorí ó ń gbòòrò bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gùn. Òǹtẹ̀ ní tèmi, inú àkámọ́ ni mo ń kọ ọ́ sí: [òǹtẹ̀].

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ wá fi ojú wá ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú gbogbo ihò àtẹ.