Àwọn tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ rí ni kí onítìjú kọ́kọ́ kọ̀wé sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Oníṣirò owó ni mí ní báǹkì kékeré kan n'Íbàdàn, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti wà níbẹ̀. Ifáfitì Ifẹ̀ ni mo ti jáde. Ó wù mí kí n bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀dítì abẹ́lé ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde, pàápàá l'Ékòó. Gbogbo èèyàn ń sọ pé àfi kí n mọ èèyàn. Ojú sì máa ń tì mí gan-an. Bí mo bá dé àárín èrò, ẹnu mi kì í là. Mo ti kọ̀wé sí ẹnì kan tá a jọ ṣiṣẹ́ rí, mo tún pa á rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ fi àárín èrò sílẹ̀ ná, nítorí ohun tí ẹ ń wá kò pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ti mọ̀ rí, tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gbúròó ara yín mọ́, ni ó pọ̀ sí.

Onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, bi àwọn òṣìṣẹ́ ní Newton lẹ́bàá Boston léèrè bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1973. Nínú àwọn tó gbọ́ lẹ́nu ojúlùmọ̀, àwọn tó ń rí ojúlùmọ̀ náà léraléra kò tó 17 nínú 100. Ó lé ní 55 tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 28 kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ rí i tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ní báǹkì gbọ́ lẹ́yin náà ti gbọ́. Ẹni tó ti kúrò ní báǹkì yín lọ síbòmíràn ló ń gbọ́ ohun tí kì í dé etí yín.

Nítorí náà, iṣẹ́ yín kì í ṣe láti lọ máa bá àlejò rẹ́rìn-ín. Ẹ fẹ́ tún okùn kan so ni, ẹ sì lè ti inú yàrá yín kọ̀wé ṣe é.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ síbẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti kọjá: ibi tí ẹ ti ṣe ìkọ́ṣẹ́ nígbà tí ẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ibi tí ẹ ti ṣe àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà báǹkì. Ní ti báǹkì, àwọn tó ti kúrò ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ ibi tí wọ́n wà báyìí síwájú orúkọ wọn, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣirò owó kì í rántí kà mọ́ ojúlùmọ̀. Àwọn ọ̀dítọ̀ láti ìta ni, àwọn tó máa ń wá yẹ ìwé báǹkì yín wò lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé fáìlì ẹ̀yáwó fún, tí wọ́n ń jókòó sí yàrá ìpàdé yín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn kò dúró sí báǹkì nìkan. Bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ yín, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì, ọṣẹ tàbí símẹ́ǹtì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ń lọ. Púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń kúrò nílé-iṣẹ́ ọ̀dítì lẹ́yìn ọdún díẹ̀ láti di ọ̀dítọ̀ abẹ́lé níbi tí wọ́n ti yẹ ìwé wò rí. Wọ́n ti rí iṣẹ́ yín. Bí fáìlì yín bá wà létòlétò tí ẹ kì í sì í fi wọ́n ṣeré bí wọ́n bá béèrè ìwé, wọ́n rántí. Bí ó bá jẹ́ èmi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa kọ́kọ́ lọ.

Wàyí o, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ pa rẹ́. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta bá déédéé kọ «ẹ káàárọ̀», tó sì dákẹ́, ohun méjì ló máa ń wá sọ́kàn ẹni tó gbà á: ó fẹ́ yá owó, tàbí olè ti gba Wasáàpù rẹ̀ tó ń fi tọrọ owó káàkiri. Ọ̀pọ̀ ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ ń kà sí ìkórìíra, ìfura ni. Ohun mẹ́ta ló ń mú ìfura náà kúrò, inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà: ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, ìdí tí ẹ fi kọ̀wé, àti ìbéèrè kékeré tí èèyàn lè dáhùn láìdìde nílẹ̀.

Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ. «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá iṣẹ́» wúwo. Ẹni tó kà á kò ní iṣẹ́ lápò, ojú á tì í láti sọ pé kò sí, á wá dákẹ́. Ẹ béèrè ohun tí ó mọ̀. Ẹ̀yin mọ owó àti ìwé ẹ̀yáwó. Nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde, ọ̀dítọ̀ abẹ́lé tún máa ń ka ọjà inú ilé-ìkẹ́rùsí, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ra ohun èlò àti iye tó ń ṣòfò lẹ́nu ẹ̀rọ. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀. Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́:

«Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Lágbájá nìyí, ti ẹ̀ka ìṣirò ní báǹkì n'Íbàdàn, ẹni tó bá yín wá fáìlì ẹ̀yáwó àwọn oníṣòwò Bódìjà tó sọnù nígbà tí ẹ wá ṣe ọ̀dítì. Mo gbọ́ pé ẹ ti wà ní ọ̀dítì abẹ́lé báyìí, ẹ kú oríire. Èmi náà fẹ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ yẹn. N kò tíì ka ọjà inú ilé-ìkẹ́rùsí rí. Nínú ohun tí ẹ bá pàdé níbẹ̀, èwo ni ẹ rò pé kí n kọ́kọ́ kọ́? Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ lè fi ohùn dáhùn. Kò kánjú o.»

Kò sí síífíì nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn tó sọ pé kí wọ́n fi ohùn dáhùn ń ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí ẹni tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó lè sọ̀rọ̀ nígbà tí kò lè tẹ̀wé. Ó tún gbà yín lọ́wọ́ ìpè tí ẹ ń bẹ̀rù.

Ẹ̀yin aláìgbójú tún ní àǹfààní kan nínú àṣà wa: ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, kò sí ẹni tó máa rí i bí àfojúdi. Ẹ kàn rí i pé ẹ lo «ẹ̀gbọ́n», «ọ̀gá» tàbí «mà» bí ẹ ṣe ń lò ó nígbà tí ẹ jọ wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn kú ọdún tàbí kí ẹ bá a kẹ́dùn, ẹ kí i lásán. Ẹ má so ìbéèrè mọ́ ọn.

Méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Bí èsì kò bá dé, ẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Bí èsì bá dé, ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe kí ẹ tó béèrè òmíràn. Ká ní ẹ̀gbọ́n náà sọ pé kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ka ọjà ní ìparí ọdún kí ẹ lọ wò ó. Bí ẹ bá ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé-ìtajà ìbátan yín ni, ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹ ti lọ, kí ẹ sọ ohun kan tí ẹ rí níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ mi, tó jẹ́ gbígba èèyàn síṣẹ́, ibí yìí ni mo ti ń rí i tí ọ̀pọ̀ ń sọ okùn náà nù: wọ́n gba ìmọ̀ràn, wọ́n dúpẹ́, a kò gbúròó wọn mọ́ títí wọ́n fi tún nílò nǹkan. Lẹ́yìn ìròyìn yẹn ni ẹ lè sọ pé, «Bí ààyè bá ṣí lọ́dọ̀ yín tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta mí lólobó.»

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi síífíì ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ ní PDF tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ gbólóhùn mẹ́ta lé e tí wọ́n lè darí sí ọ̀gá wọn bó ṣe wà: ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ ti ṣe, irú ipò tí ẹ ń wá. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ló ń sọ̀rọ̀ nípa yín. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ronú ohun tí wọ́n máa kọ, ó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ààyè náà á fi dí.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ àwọn tó jáde n'Ífẹ̀ kàn. Ẹ má kéde ara yín nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù sẹ́ẹ̀tì yín, ọ̀rọ̀ á rì sáàárín ìkíni ọjọ́ ìbí. Ẹ lọ sí ojú-ìwé Obafemi Awolowo University lórí LinkedIn, ẹ tẹ `Alumni`, ẹ kọ `internal audit` sínú àpótí ìwákiri, kí ẹ sì mú Lagos níbi tí wọ́n ti ń yan ìlú. Nínú àwọn tó bá jáde, ẹ mú àwọn tó fi ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ ṣíwájú yín. Wọ́n ṣì rántí bí wọ́n ṣe wọlé. Ọ̀gá àgbà pátápátá á kàn ju ọ̀rọ̀ yín sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni.

Ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tí ẹ kò sì jọ ka ìwé, ni kí ó kẹ́yìn. Ẹ má tan ara yín jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dáhùn, ìwé sí àlejò kò lágbára tó ojúkojú rárá. Lórí LinkedIn, ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi mọ́ ìbéèrè láti di ojúlùmọ̀ kì í ju àmì 200 lọ fún ẹni tí kò sanwó, àyè inú rẹ̀ sì wúlò fún nǹkan kan péré: ohun pàtó tí wọ́n ṣe tàbí kọ tí ẹ kà. «Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa kíka ọjà tó ń bàjẹ́ kíákíá. Báǹkì ni mo wà, mo ń kọ́ ọ̀dítì abẹ́lé.» Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ: ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé, ohun tí ẹ béèrè, ohun tí ẹ ṣèlérí pé ẹ máa padà wá sọ. Ẹni tí ẹ ṣèlérí fún tí ẹ kò tíì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó fi orúkọ tuntun kún un.