Ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ṣúgà nínú ìfun kékeré

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, bí ṣúgà inú ẹ̀bà bá dé ìfun kékeré, kí ló ń gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí sì ni iyọ̀ ń wá nínú omi tí a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru?”

Inú ìfun kékeré kò dán; ó rí bí aṣọ ìnura, nítorí pé àwọn ìka wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní fílàì, tí gígùn wọn kò ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ, ló bò ó. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára ìka wọ̀nyí tún hu irun tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí í ṣe maikirofílàì. Ẹ́ńsáìmù tó lẹ̀ mọ́ irun náà ló ń gé ìyókù sítáàṣì ẹ̀bà di gúlúkóòsì, ìyẹn ṣúgà tí ẹ béèrè nípa rẹ̀.

Gúlúkóòsì kì í dá wọlé níbẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà kọjá máa ń gbé sódíọ̀mù méjì láti inú iyọ̀ pọ̀ mọ́ gúlúkóòsì kan, omi a sì tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn náà ni gúlúkóòsì ń gba ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú fílàì, tí yóò gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀.

Aládùúgbò wa kan ní Muṣin fún ọmọ rẹ̀ ní omi ṣúgà tó nípọn, láìsí iyọ̀, ìgbẹ́ náà sì le sí i: ṣúgà tí kò rí ọ̀nà wọlé ló ń fa omi ara ọmọ sínú ìfun. Nítorí náà, ẹ fi omi po ìyẹ̀fun inú páálí oníyọ̀-àti-ṣúgà tí ilé ìwòsàn ń fúnni gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀.