Night Shift àti àwọ̀ léèsì nínú fọ́tò tí ẹ tún ṣe lálẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ayàwòrán. Léèsì ni mò ń tà nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ni mo máa ń fi áífóònù mi tún fọ́tò ọjà ṣe kí n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí Wáàsáàpù. Oníbàárà mi kan ní ìlú Oǹdó dá léèsì padà, ó ní funfun ni òun sanwó fún, kírímù ni òun gbà. Bẹ́ẹ̀ kírímù ni mo rí lójú fóònù mi nígbà tí mo fi ránṣẹ́. Ṣé Night Shift tí mo máa ń tàn nítorí ojú tó ń dùn mí ló fà á?

Ìdáhùn: Òun gan-an ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, mà. Irọ́ kò sí lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì: kírímù lẹ rí lóòótọ́, funfun lòun náà sì rí.

Night Shift kì í fọwọ́ kan fọ́tò. Ojú fóònù nìkan ló ń yí padà. Gbogbo ohun tí à ń rí lójú fóònù, iná kéékèèké mẹ́ta ló ń gbé e jáde: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Nínú fáìlì fọ́tò, nọ́ńbà láti 0 dé 255 ló ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe máa tàn tó. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní 255, funfun ni. Tí Night Shift bá ti tàn, fóònù á dín iná búlúù kù gan-an, á dín ti àwọ̀ ewé kù díẹ̀, á fi pupa sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń pọ́n. Àmọ́ nọ́ńbà inú fáìlì kò yẹ̀. Bí ẹ bá ya ohun tó wà lójú fóònù yín ní sikirínṣọ́ọ̀tì lóru, tí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹni náà kò ní rí pípọ́n yẹn rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé léèsì yín. Ká ní nọ́ńbà rẹ̀ nínú fọ́tò jẹ́ pupa 245, àwọ̀ ewé 232, búlúù 205. Kírímù gidi nìyẹn. Nígbà tí Night Shift dín búlúù kù, léèsì náà di yẹ́lò lójú yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i lójú ọ̀sán mọ̀ pé kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá fa Temp nínú Lightroom, tàbí Temperature nínú Snapseed, sí apá òsì, síbi búlúù, títí ó fi padà jọ kírímù tí ẹ mọ̀. Fífà yẹn ni fáìlì gbà wọlé. Nọ́ńbà á ti di nǹkan bíi pupa 230, àwọ̀ ewé 233, búlúù 240. Lójú fóònù yín, kírímù ni. Lójú fóònù oníbàárà tí kò tan nǹkan kan, funfun tó ní búlúù díẹ̀ nínú ni. Òun lẹni náà sanwó fún.

Ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè fura ni pé ojú wa máa ń bá iná tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ti wo ojú fóònù tó pọ́n fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Àwọn kan á wá sọ pé ojú àwọn ti mọ́ ọn lára, kò lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ojú kì í bá a lọ dé òpin o, àti pé búlúù tí fóònù kò tàn, ojú ò lè dá a ṣe. Ẹ wo léèsì búlúù dúdú: lábẹ́ Night Shift, díẹ̀ ló kù kó jọ dúdú pátápátá. Ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe á rò pé àwọ̀ rẹ̀ kò jáde tó, á gbé Saturation búlúù sókè. Láàárọ̀, búlúù tó ń pariwo ni oníbàárà máa rí. Nínú fọ́tò aṣọ ẹbí tí wọ́n ń gbé wá fún mi tún ṣe, búlúù dúdú àti pọ́pù ló ń bà jẹ́ jù, kírímù ló tẹ̀ lé e.

Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Display & Brightness, ẹ wo Night Shift. Bí ẹ bá ti tan Scheduled, tó sì wà lórí Sunset to Sunrise, yóò máa tàn fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀, èyí tó máa ń jẹ́ láàárín aago mẹ́fà sí nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Àkúrẹ́. Ìyẹn ni pé fọ́tò tí ẹ tún ṣe ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àtèyí tí ẹ ṣe ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò lè bára mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi léèsì kan náà ni. Ojú ewé yẹn náà lẹ ó ti rí True Tone. Ẹ pa òun náà. Ó ń wo iná inú yàrá, tí gílóòbù bá pọ́n, á jẹ́ kí ojú fóònù pọ́n tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń lo Sámsọ́ngì, Eye comfort shield ni kó wá. Lórí àwọn Áńdróìdì mìíràn, Night Light tàbí Eye Care ni orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Tí ẹ bá ti pa á tán, ẹ fún ojú yín ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fọwọ́ kan àwọ̀ kankan, nítorí funfun gidi á kọ́kọ́ jọ búlúù lójú yín.

Mo mọ̀ pé ojú ń dùn yín, n kò sì ní sọ pé kí ẹ pa á títí láé. Ọ̀nà kan wà tí ojú yín ò fi ní ṣe adájọ́ rárá, òun ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí ẹ bá ń ya léèsì, ẹ tẹ́ ìwé funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí iná kan náà bà wọ́n. Nínú Lightroom, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Temp, tàbí nínú White Balance ti Snapseed, àmì kan wà tó dà bí èyí tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e lé ìwé náà. Nọ́ńbà inú fáìlì ló ń kà, kò bá ojú fóònù ṣe, nítorí náà Night Shift kò lè ṣì í lọ́nà. Tó bá rí i pé búlúù ìwé náà kéré sí pupa, á mú wọn dọ́gba, á sì ṣe gbogbo fọ́tò bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ló lè ba èyí jẹ́. Ẹ má ṣe gbé e lé léèsì kírímù fúnra rẹ̀, torí á gbà pé funfun ni, á sì sọ ọ́ di funfun, ìjà náà á tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì, bí oòrùn bá ti jó ìwé náà nínú fọ́tò débi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní 255, kò sí ohun tó lè kà níbẹ̀ mọ́. Ẹ tún un yà níbi òjìji. Tó bá ti kà á tán, ẹ má fa Temp mọ́ lálẹ́ yẹn, bó ti wù kó pọ́n lójú yín tó.

Àwọn fọ́tò tí ẹ ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe tún èyí tó ti bà jẹ́ ṣe. Ẹ padà sí ojúlówó tí kámẹ́rà yà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ibi tí agbára yín ò dé ni fóònù oníbàárà. Òun náà lè tan tirẹ̀ lóru, funfun yín á sì di kírímù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe gé ìwé funfun yẹn kúrò nínú gbogbo fọ́tò; ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ tí ìwé àti léèsì ti jọ wà níbẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá sọ méjèèjì di yẹ́lò, á ṣì rí i pé léèsì pọ́n ju ìwé lọ, kó tó sanwó.