Mínísítà ò fọwọ́ sí lẹ́tà náà: ohun tí èmi fi owó ara mi kọ́

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi pé àwọn ò gbà kí n dúró. Òṣìṣẹ́ kan tí mi ò mọ̀ rí ló fọwọ́ sí i lórúkọ mínísítà. Bẹ́ẹ̀ òfin ní mínísítà ló máa pinnu. Ṣé mo lè sọ pé ìwé yẹn ò bófin mu?"

Àbúrò, kọ́kọ́ wo déètì tó wà lórí ìwé yẹn kó o tó ka èyí tó kù. Ohun tó o fẹ́ dì mú yẹn, èmi náà dì í mú lọ́dún 2016, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró ti ìyàwó àti ọmọ mi, wọ́n kọ̀. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, wọ́n kọ ọ́ pé lórúkọ mínísítà ni, kò sì sí orúkọ èèyàn gidi kan níbẹ̀. Mo fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní agbaninímọ̀ràn gba 350 pọ́n-ùn lọ́wọ́ mi, ó ní a ti mú wọn, pé ìwé tí mínísítà ò fọwọ́ ara rẹ̀ sí, ìwé òfo ni. A kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta lọ láti fi bínú. Ọjọ́ 14 péré ni mo ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìgbà tí èsì lẹ́tà wa máa dé, ọjọ́ ti kọjá tipẹ́.

Ìyá kan tó ń ṣe iṣẹ́ àánú ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́ ló là mí lóye. Ó wo ìlà pupa mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin Yorùbá gan-an lẹ ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù, wọ́n sì dá yín lẹ́jọ́." Ẹjọ́ Oladehinde, ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń sọ.

Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú ìyẹn. Lọ́dún 1942, nígbà ogun, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ. Carltona ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ àgbà kan ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi gbà á. Carltona lọ sí kóòtù pé mínísítà fúnra rẹ̀ ò ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1943, adájọ́ Lord Greene ní iṣẹ́ tí òfin kó lé mínísítà lórí pọ̀ ju ohun tí èèyàn kan lè fojú ara rẹ̀ wò lọ. Bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá pinnu, mínísítà ló pinnu, òun náà ló sì máa lọ jẹ́jọ́ rẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣó o rí i, kì í ṣe pé mínísítà rán òṣìṣẹ́ níṣẹ́ tó wá nílò ìwé ẹ̀rí. Ọwọ́ mínísítà ni òṣìṣẹ́ yẹn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí bíbéèrè "ta ló fún un láṣẹ?" kì í sábà débi kankan.

Oladehinde gbìyànjú láti gba ọ̀nà mìíràn, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1971 lórí wíwọ̀lú pín iṣẹ́ sí méjì: àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ní agbára tiwọn láti jẹ́ kéèyàn wọlé, mínísítà sì ní tirẹ̀ lórí dídúró àti lílé èèyàn lọ. Lọ́dún 1988, mínísítà sọ fún àwọn ọ̀gá kan láàárín àwọn aṣọ́bodè pé kí wọ́n máa pinnu lórúkọ òun ẹni tí wọ́n fẹ́ lé lọ. Àwọn agbẹjọ́rò Oladehinde ní rárá o: bí òfin bá ti pín agbo sí méjì, ará agbo kìíní ò lè máa ṣiṣẹ́ ará agbo kejì. Kóòtù àkọ́kọ́ gbà fún wọn. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù lọ nígbà yẹn, sì fìdí ìyẹn múlẹ̀ lọ́dún 1990.

Ibi tí ìyá yẹn ní kí n fetí sí nìyí. Nínú òfin 1971 yẹn kan náà, ibi mẹ́ta wà tí àwọn aṣòfin ti kọ ọ́ gedegbe pé mínísítà fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Àwọn Lọ́ọ̀dù ní bí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀, tí wọn ò sì kọ ọ́ síbi lílé èèyàn lọ, kóòtù ò ní bá wọn kọ ọ́. Wọ́n fi ààlà sí i ṣá o: iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ipò àti ìrírí rẹ̀ mu, kò sì gbọdọ̀ tako iṣẹ́ tí òfin ti fún òun fúnra rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò wá sẹ́ni tó jáwé olúborí rí ni? Ó ní wọ́n wà. Lọ́dún 2015, kóòtù tó ga jù lọ dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan láre. Ìlànà ní ọ̀gá ẹ̀wọ̀n lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wákàtí 72, tó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí mínísítà fọwọ́ sí i. Àwọn ọ̀gá inú ẹ̀wọ̀n náà ló wá ń fọwọ́ sí i fúnra wọn. Kóòtù ní èyí ò jẹ mọ́ ti Carltona: ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ní ipò tirẹ̀ lábẹ́ òfin, ìdí tí ìlànà sì fi dárúkọ mínísítà ni pé kí ẹni tó wà níta ẹ̀wọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó lókìkí jù ni ti Gerry Adams, olóṣèlú Àríwá Ireland. Ní 1973, wọ́n tì í mọ́lé láìgbé e dé kóòtù. Ìgbákejì mínísítà ló fọwọ́ sí ìwé ìtìmọ́lé náà, mínísítà àgbà fúnra rẹ̀ ò wò ó. Adams gbìyànjú láti sá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Lọ́dún 2020, kóòtù tó ga jù lọ fagi lé ẹ̀bi yẹn. Àwọn adájọ́ tú ìwé òfin náà wò, wọ́n rí i pé gbólóhùn kan ní mínísítà àgbà ló máa pàṣẹ, òmíràn wá ní òun tàbí àwọn ìgbákejì rẹ̀ lè fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá lè pàṣẹ, kí ni wọ́n ń fi gbólóhùn kejì ṣe? Wọ́n tún wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó, títi èèyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́, wọn ò sì rí ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà á ti pọ̀ jù fún mínísítà láti fúnra rẹ̀ ṣe. Inú bí ìjọba sí ìdájọ́ yìí débi pé wọ́n ṣòfin mìíràn lọ́dún 2023 láti yí i padà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìyá náà ṣí lẹ́tà mi sí ojú ewé kejì, ibi tí èmi ò fa ìlà kankan sí. Wọ́n ní mi ò fi ẹ̀rí hàn pé èmi àti ọmọ mi jọ ń gbé. Lẹ́tà ilé ìwé ọmọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ọjọ́ yìí! A bẹ̀bẹ̀ pé kí kóòtù gba ìwé tó pẹ́ wọlé, mo jẹ́wọ́ ohun tó fa ìdádúró bó ṣe rí, adájọ́ sì gbà á. Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Lẹ́tà ilé ìwé ni wọ́n bi mí sí.

Nítorí náà, wá nọ́ńbà abala òfin tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tìrẹ, kí o sì kà á bóyá "fúnra rẹ̀" tàbí ohun tó jọ ọ́ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, lọ sí ojú ewé tí wọ́n kọ ìdí sí, kí o kọ ọ́ síbí fún wa láìfi orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ sí i. Ọjọ́ wo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ?