Ìpolówó ìwọlé fún òbí tí ọwọ́ rẹ̀ dí

"Ìwé àti aṣọ ilé-ìwé ni mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni kí n kọ tí òbí tí kò ráyè yóò fi yà?"

Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n. Wàhálà tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí gbogbo ìsọ̀ ló ń sọ pé ọjà àwọn dára. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ fi kíláàsì ọmọ yín àti gígùn rẹ̀ láti èjìká dé orúnkún ránṣẹ́ sórí fóònù wa kí Ọjọ́rú tó parí, ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aṣọ àti ìwé rẹ̀ yóò ti wà nínú àpò kan ní ìsọ̀ wa lẹ́bàá Ọjà Jagun. A ṣẹ́ ìka mẹ́ta sí etí aṣọ, kí ẹ lè tú u bí ọmọ bá ga sí i."

Ẹ kọ àpapọ̀ owó sí ìsàlẹ̀, torí ẹni tí ó ń kánjú kì í fẹ́ béèrè.