Ìdí tí kòkòrò inú rọ́bà ìtọ̀ fi ń padà wá lẹ́yìn oògùn

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, rọ́bà ìtọ̀ ti wà lára bàbá wa fún bí oṣù méjì nítorí pírósíteètì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ibà ti mú wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni láàbù sọ pé sípírò ń pa kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ wọn. Wọ́n á lo oògùn náà pé, ara wọn á yá, nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ibà á tún dé. Ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n ń tà fún wa ni?"

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni, débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ ibi tí mo ti ń ra oògùn. Ọdún kan àti oṣù méjì ni rọ́bà ìtọ̀ fi wà lára bàbá tèmi. Iṣẹ́ láàbù ni mo sì ń ṣe jẹun, síbẹ̀ ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé èsì àyẹ̀wò tí èmi fúnra mi ń kọ kò kan ibi tí kòkòrò náà ń gbé gan-an.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀hún. A ó fi ìtọ̀ díẹ̀ ra ojú awo àgà, a ó mú lára kòkòrò tó bá hù níbẹ̀, a ó pò ó mọ́ omi, a ó tẹ́ ẹ sórí awo mìíràn tí oúnjẹ kún inú rẹ̀, a ó sì gbé bébà kékeré tí oògùn wà lára rẹ̀ lé e lórí. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àyíká bébà náà mọ́ tónítóní, a ó kọ ọ́ pé oògùn ń ràn án. Òótọ́ ni a kọ. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí a dán wò yìí ti yó, ó ń yára bí sí i, kò sì ní ibòji kankan, nígbà tí àwọn tó wà lára rọ́bà ń gbé ayé mìíràn.

Láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá ti ki rọ́bà bọ inú àpò ìtọ̀, poroténì inú ìtọ̀ yóò ti tẹ́ sí ara rẹ̀, kòkòrò tó bá sì kọjá yóò fi irun tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀ di ibẹ̀ mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n ṣì lè já dànù. Àwọn tó bá dúró ni yóò máa pọ̀ sí i, tí wọn yóò máa tú ohun kan tó ń fà bí ilá jáde, èyí tí ṣúgà, poroténì àti okùn àbùdá àwọn tó ti kú parapọ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ra inú àmù tí a kò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan mọ ohun yíyọ̀ tí mo ń wí. Báyófíìmù ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí rọ́bà bá fi wà lára, nǹkan bí ènìyàn 3 sí 7 nínú 100 ni kòkòrò tún ń wọ inú ìtọ̀ wọn, tí yóò fi pé oṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ṣẹ́kù.

Kòkòrò tí ó wà lára bàbá mi ni Pirótíọ́ọ̀sì, èyí tó tún burú sí i, nítorí ó máa ń fọ́ yúríà inú ìtọ̀ sí amóníà. Amóníà yìí a mú kí ìtọ̀ ṣe bí eérú, èròjà kálísíọ́ọ̀mù àti maginíṣíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ a sì dì bí iyanrìn sínú ohun yíyọ̀ náà títí rọ́bà yóò fi dí. Wọ́n lo sípírò 500 miligírámù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ibà lọ ní ọjọ́ kejì, ó sì padà ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí oògùn tán. Mo tún gbin ìtọ̀ náà, kòkòrò kan náà ni, sípírò sì ń ràn án bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni ó yẹ kí ojú mi ti là. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò náà ti yí padà tí oògùn kò ràn án mọ́, àyíká bébà yẹn kò ní mọ́.

Nígbà tí rọ́bà náà dí pátápátá, tí àpò ìtọ̀ wọn wú, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó yọ ọ́ bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Mo gba rọ́bà ògbólógbòó náà, mo gbé e lọ sí láàbù, mo là á sí méjì. Ohun funfun yíyọ̀ tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Mo gé ìwọ̀n sẹ̀ntímítà kan níbẹ̀, mo fi omi ṣan án, mo rì í sínú omi oúnjẹ tí sípírò inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 10 ìwọ̀n tó ń dá àwọn kòkòrò tó ń léfòó nínú omi dúró. Ní ọjọ́ kejì mo ṣan oògùn kúrò lára rẹ̀, mo gbé e sínú omi oúnjẹ lásán. Ilẹ̀ mọ́, omi náà ti dà rú. Mo mú àwọn ọmọ tó hù jáde lọ sórí awo, mo gbé bébà lé wọn, sípírò sì pa wọ́n!

Oògùn kì í ṣàìwọlé, nítorí sípírò máa ń wọ inú ohun yíyọ̀ náà dáadáa. Oògùn mìíràn, jẹntamáísìn, ni ohun yíyọ̀ náà lè dá dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí ara àwọn méjèèjì ń fa ara wọn mọ́ra. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ebi. Àwọn tó wà lókè ń jẹ oúnjẹ àti atẹ́gùn tán kí ó tó dé ìsàlẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á wá fa ara wọn sẹ́yìn, wọn kò ní bí, wọn kò ní kọ́ ara tuntun. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò sì jẹ́ pé iṣẹ́ tí kòkòrò ń ṣe lọ́wọ́ ni wọ́n ń bàjẹ́. Pẹnisílìn, fún àpẹẹrẹ, ń ba ìgánná ara rẹ̀ jẹ́ nígbà tó bá ń mọ ọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọlé, kí ni wọn yóò bá jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Láàárín wọn ni àwọn díẹ̀ wà tó sùn fọnfọn, irú èyí tí onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Joseph Bigger, kíyè sí ní 1944, nígbà tí pẹnisílìn pa kòkòrò stafilokọ́kọ́ọ̀sì títí ó fi ku díẹ̀, tí ọmọ àwọn tó ṣẹ́kù sì tún jẹ́ èyí tí pẹnisílìn ń pa. Ìfaradà ni èyí, kì í ṣe àyípadà nínú àbùdá. Bí oògùn bá ti tán lára, wọn á jí, wọn á já sínú ìtọ̀, ibà á sì dé.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìyẹn, dókítà wa kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà, ó gba ìtọ̀ láti inú rọ́bà tuntun fún àyẹ̀wò, kí ó tó kọ oògùn. Ìlànà ni èyí fún ẹni tí rọ́bà rẹ̀ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ìtọ̀ inú rọ́bà àtijọ́ ń sọ nípa àwọn tó wà lára rọ́bà ju àwọn tó wà nínú àpò ìtọ̀ lọ. Ibà náà kò padà fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín nílé o, bí òtútù bá sì ń gbọ̀n bàbá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.

Rọ́bà tuntun náà yóò tún yọ̀ bópẹ́ bóyá, fún ìdí èyí, bí láàbù bá rí kòkòrò nínú ìtọ̀ ṣùgbọ́n tí ibà tàbí ìrora kò sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti sípírò sí yín lọ́wọ́. Èyí gan-an ni yóò sọ kòkòrò náà di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Ní ti bàbá mi, ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ pírósíteètì tí rọ́bà kúrò lára wọn pátápátá ni awo tí mo gbin ìtọ̀ wọn sí kọ́kọ́ wà ní òfìfo.