Èlé gòkè, bọ́ǹdì mi wálẹ̀

Ìbéèrè: Mo ní bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ mílíọ̀nù kan náírà, èlé rẹ̀ jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó sì ku ọdún kan kó pé. Mo fẹ́ tà á kí n fi kan òrùlé ilé mi ní Ìsánlú. Alágbàtà ní 930,000 ni òun rí, pé èlé ti gòkè sí 20. Bí èlé bá gòkè, ṣé kò yẹ kí owó mi náà lé ni?

Ìdáhùn: Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Èlé tó gòkè kì í ṣe tiyín. Tiyín ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á: 120,000 lọ́dún, kò ní lé, kò ní dín. Èlé àwọn bọ́ǹdì tuntun ló gòkè.

Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó fẹ́ rà á. Bó bá fi mílíọ̀nù kan ra tuntun, 1,200,000 ni yóò gbà lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá fi iye kan náà ra tiyín, 1,120,000 ni. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù 80,000? Èlé tiyín kò ṣeé yí, nítorí náà iye tí wọ́n máa rà á nìkan ló lè yẹ̀. Ẹ pín 1,120,000 sí 1.20, ó di 933,333. Ẹni tó bá san èyí yóò jèrè 186,667, ìyẹn 20 gééré nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kó sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìjọba ń san èlé bọ́ǹdì yìí. Ẹ ó gba 60,000 lóṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà 1,060,000. Ìdajì 20 ni 10, nítorí náà ẹ pín ti àkọ́kọ́ sí 1.10 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pín èkejì sí i lẹ́ẹ̀mejì. 54,545 àti 876,033 ló máa jáde, àpapọ̀ 930,578. Alágbàtà yín kò rẹ́ yín jẹ. Ká ní 900,000 ló pè é ni, èlé bíi 24 ló fi ṣírò nìyẹn, ẹ ó sì ní kó ṣàlàyé.

Bí èlé ọjà bá já wá sí 8, ìṣirò kan náà á gbé tiyín dé 1,037,722, torí pé 12 ti di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá.

Ọdún tó kù ló ń sọ bí iye rẹ̀ ṣe máa wálẹ̀ tó. Ká ní ọdún mẹ́wàá ló kù, nǹkan bí 659,000 ni ẹ bá gbà, nítorí ẹni tó rà á yóò fara mọ́ èlé kékeré náà nígbà ogún. Àwọn tó ra bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn kí Báńkì Àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé rẹ̀ láti 11.5 ní oṣù karùn-ún 2022 dé 27.5 ní oṣù kọkànlá 2024 mọ bó ṣe rí.

Bí ẹ bá dúró dọjọ́ tó pé, mílíọ̀nù kan yín á pé pérépéré. Ṣùgbọ́n èlé 12 lẹ ó máa gbà nígbà tí ẹlòmíràn ń gba 20, nítorí náà dídúró náà ní iye tirẹ̀. Bí páànù àti igi kò bá tó gbogbo owó náà, ẹ bi alágbàtà bóyá ó lè ta ìdajì.